Irin àtẹ̀gùn tú, àlejò mi ṣubú: ṣé èmi ni mo jẹ̀bi ni àbí lánlọ́ọ̀dù?

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìdílé mẹ́fà la wà nínú ilé tí mo ń gbé, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń gùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ń lọ lálẹ́, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, bí irin náà ṣe tú nídìí nìyẹn, tòun tàwọn ni wọ́n jọ lọ sílẹ̀. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn. Ọrùn ọwọ́ wọn ṣẹ́, dókítà ti fi sìmẹ́ńtì dì í, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ.

Irin yẹn ti ń mì ó ti pẹ́. Mo sọ fún alábòójútó ilé lẹ́nu, nígbà tí n kò rí nǹkan kan, mo tún kọ ọ́ sí i lórí wọ́sáàpù. Ó ní òun ti rí i. Ní báyìí, lánlọ́ọ̀dù ní òun kò mọ obìnrin náà rí, òun kọ́ lòun pè é wá, kí ẹni tó gbàlejò lọ tọ́jú àlejò rẹ̀. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn? Owó ilé ìwòsàn ti ń ga.

Ọmọ Onílé
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú sí mi, òótọ́ ni lánlọ́ọ̀dù yín sọ. Ẹ̀yin lẹ bá a tọwọ́ bọ̀wé, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò bá a tọwọ́ bọ nǹkan kan. Ẹni tí kò sí nínú àdéhùn kò lè torí àdéhùn pe èèyàn lẹ́jọ́. Bàbá mi ní ilé, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà wa.

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu, Ọlọ́run á fún ẹ̀gbọ́n ní ìlera. Ọmọ Onílé, ohun tí o sọ yẹn jẹ́ òfin nígbà kan lóòótọ́. Lọ́dún 1906, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí à ń pè ní Cavalier àti Pope. Pákó ilẹ̀ ilé ìdáná ti bàjẹ́, onílé ti ṣèlérí fún ọkọ pé òun á tún un ṣe, kò ṣe é, ìyàwó ayálégbé sì bá ibẹ̀ já lulẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó kò rí nǹkan kan gbà, torí ọkọ ni onílé ṣèlérí fún. Ìyàwó tó ń gbé inú ilé náà o, ká má tíì sọ àlejò.

Ìdájọ́ yẹn pọ́n èèyàn lójú débi pé wọ́n fi òfin tuntun yọ oró rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1957 sọ pé ẹni tó bá ń darí ibì kan gbọ́dọ̀ rí i pé àlejò tó gba ibẹ̀ kò fara pa nítorí àìbìkítà. Òfin 1972 tún wá sọ pé bí àtúnṣe bá wà lọ́rùn onílé, tàbí tó ní ẹ̀tọ́ láti wọlé wá ṣe é, ojúṣe rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ pé àbùkù ibẹ̀ lè ṣe léṣe. Àlejò wà nínú wọn. Mo ń fi tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti mú gbòǹgbò òfin wọn. Òfin ibi tí ilé bá wà ni kí lọ́yà yín yẹ̀ wò, torí àwọn ibì kan ṣì rọ̀ mọ́ ti àtijọ́ ju àwọn mìíràn lọ.

Nítorí náà, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé ta ló pe àlejò. Ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ bi ni pé: ta ló ń darí ibi tí ó ti ṣubú? Àtẹ̀gùn tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gùn, kò sí ọ̀kan nínú yín tó háyà á. Ọwọ́ onílé ló ṣì wà. Àlejò yín kò sì lè fò wọlé láti ojú fèrèsé. Bí onílé ṣe háyà yàrá fún yín, ó ti mọ̀ pé èèyàn á máa wá kí yín, àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n á sì gbà.

Ọmọ Onílé
Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n tó bá wá jẹ́ inú yàrá ayálégbé ńkọ́? Kí bákónì tirẹ̀ já?

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Ìyẹn le díẹ̀. Inú yàrá, ayálégbé ló ń darí, ó lè tilẹ̀kùn mọ́ onílé síta. Níbẹ̀, a máa wo ìwé àdéhùn láti mọ ẹni tí àtúnṣe wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ìwé bá ní onílé ni yóò máa tún ara ilé àti bákónì ṣe, tàbí tó ní ó lè wọlé wá ṣe é, òfin 1972 lè mú un. Bí ìwé bá gbé gbogbo rẹ̀ lé ayálégbé lọ́wọ́, àlejò lè ṣubú sí àárín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún èèyàn kí wọ́n ka ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe kí wọ́n tó ka ojú ìwé tó sọ iye owó ilé.

Bọ̀dé Àdúgbò
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà rèé. Lánlọ́ọ̀dù tèmi kò dá owó tí mo fi sílẹ̀ fún un padà nígbà tí mo kó jáde, ó ní mo ba ọ̀dà ara ògiri jẹ́. Ṣé mo lè fi òfin 1972 yìí mú un?

Ìyá Ìbejì
Bọ̀dé, ẹ dákun, ọwọ́ èèyàn ló ṣẹ́ níbí o. Ẹ ṣí ojú ìwé tiyín.

Wẹ́dà Jẹ́jẹ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ mà. Èmi kò mọ òfin, irin ni mo mọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ibo ni irin tó tú yẹn wà báyìí? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ.

Mo sọ ọ́ fún ìdí kan. Irin àtẹ̀gùn kì í ṣàdédé tú. Ìsàlẹ̀ ni ikú rẹ̀ ti ń wá, níbi tí òpó irin ti wọ inú sìmẹ́ńtì. Omi tí wọ́n fi ń fọ àtẹ̀gùn máa ń dúró síbẹ̀, irin á máa dógùn-ún láti inú, wọ́n á sì máa kun ọ̀dà lé e lórí lọ́dọọdún. Ẹ ó rí i tí ara rẹ̀ ń dán lókè, ìsàlẹ̀ sì ti rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí epo igi. Ẹ wo ojú ibi tó ti kán dáadáa. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú tàbí tó dúdú, ibẹ̀ ti là tipẹ́ kó tó já. Bí ó bá funfun tó ń dán, ọjọ́ tí wọ́n ṣubú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ọ̀pọ̀ ìgbà, méjèèjì ló máa ń wà: apá tó pọ́n sọ bó ṣe ti bàjẹ́ tó, apá tó ń dán sọ ìwọ̀nba tó kù tó fi dúró. Tí ẹ bá tún rí ọ̀dà nínú ibi tó là yẹn, a jẹ́ pé ẹni tó kun ún kẹ́yìn kun ún lórí ìlà tó ti là.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní tòsí, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tún ya ihò tó ti yọ nínú sìmẹ́ńtì. Kíá kíá ni kí ẹ ṣe é, torí irin tó ń dán á dógùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí òjò bá pa á, ẹ ò sì ní mọ tuntun mọ́ ti àtijọ́ mọ́.

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí ẹ sọ yìí ni ẹsẹ̀ kejì ẹjọ́ náà. Ká darí ibì kan nìkan kò tó láti jẹ̀bi. Onílé gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé àbùkù wà, tàbí kó jẹ́ pé ó yẹ kó mọ̀. Ẹnì kan á ní, "N kò mọ̀." Bí irin bá ti ń dógùn-ún fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n sì ń kun ọ̀dà lé e, adájọ́ á bi í pé ojú wo lẹ fi ń wo ilé yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ẹlẹ́rù kọlu irin náà, kò sí àyè tí onílé fi lè mọ̀.

Ẹjọ́ Wheat àti Lacon ti 1966 fi èyí hàn. Àlejò tó sanwó sùn sí òkè ilé ọtí kan ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lóru, ó sì kú. Irin ìdìmú ibẹ̀ kúrú, kò dé ìsàlẹ̀. Kò sì sí gílóòbù lókè àtẹ̀gùn. Ilé ẹjọ́ gbà pé iléeṣẹ́ tó ni ilé náà àti ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ jọ ń darí ibẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni méjì lè jọ ní ojúṣe. Síbẹ̀ opó ọkùnrin náà kò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n ní irin tó kúrú nìkan kì í ṣe ewu fún ẹni tó bá ń rọra rìn, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tí a kò mọ̀ ti yọ gílóòbù náà, wọn ò sì lè di ẹ̀bi ẹni bẹ́ẹ̀ ru onílé. Ẹjọ́ yẹn máa ń bí mi nínú títí dòní, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì
Irin náà ṣì wà lẹ́yìn ilé, mo ti ní kí àwọn ọmọ gbé e wọlé. Àmọ́ alábòójútó ni mo sọ fún, n kò sọ fún lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan rárá.

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Bó bá jẹ́ pé alábòójútó ni onílé yàn pé kí ẹ máa bá sọ ohun tó bàjẹ́, etí rẹ̀ ni etí onílé. Ohun tó gbọ́, onílé ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ní láti bi yín: kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Ṣé òun ló ń pe oníṣẹ́ wá, àbí ayálégbé bíi tiyín tó kàn ń gba owó iná?

Ìyá Ìbejì
Ayálégbé ni. Òun ló ń gba owó omi, òun náà ló pe púlọ́ńbà nígbà tí páìpù bẹ́. N kò rí ìwé kankan tó sọ pé wọ́n yàn án.

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Ọ̀rọ̀ á wà lórí ìyẹn. Ẹ wá ẹ̀rí pé onílé mọ̀ pé òun ló ń pe oníṣẹ́: rìsíìtì púlọ́ńbà, ẹni tó dá owó rẹ̀ padà, àtẹ̀jíṣẹ́ tí onílé ti ní "ẹ bá a sọ ọ́". Tí ẹ bá rí i, ó lágbára. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ óò gbára lé irin tí Wẹ́dà ń sọ, pé bó ṣe dógùn-ún tó, ó yẹ kí ó ti rí i fúnra rẹ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí tí adájọ́ máa gbà.

Ní ti wọ́sáàpù, ẹ má kàn ya àwòrán ojú fóònù nìkan. Ẹ pa fóònù náà mọ́ bó ṣe wà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.

Àlàájà Onílé
Ó dára kí ẹ gbọ́ tiwa náà. Èmi ní ilé méjì. Àwọn ayálégbé á rí nǹkan tó ń bàjẹ́, wọ́n á dákẹ́, ọjọ́ tó bá já ni wọ́n á rántí orúkọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà pé ẹni tó bá wọlé, ewu ara rẹ̀ ló gbé wọlé. Ṣé kò gbà mí ni?

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Àlàájà, kò gbà yín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1972 yẹn sọ ọ́ kedere pé àdéhùn tí onílé bá fi ní òun kò ní jẹ ojúṣe yìí, òfo ni. Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí pátákó yín. Ìkìlọ̀ tó wúlò ni èyí tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ewu: kí ẹ so okùn mọ́ irin náà, kí ẹ kọ "ẹ má dì í mú, ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà", kí iná sì wà níbẹ̀ tí èèyàn á fi kà á lálẹ́. Ìyẹn á ràn yín lọ́wọ́ fún ọjọ́ tí ẹ fi ń wá wẹ́dà. Kò ní ràn yín lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé kò sí àtẹ̀gùn mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa dùn mọ́ yín. Ọ̀tọ̀ ni nǹkan tó bàjẹ́, ọ̀tọ̀ ni nǹkan tí kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2017, ẹjọ́ Dodd àti Raebarn dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ̀gùn ga ṣánṣán, kò ní irin ìdìmú, àlejò ṣubú níbẹ̀. Wọ́n ní ojúṣe àtúnṣe kò sọ pé kí onílé fi ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ kún ilé. Àtẹ̀gùn náà kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, onílé tó ní irin, tó jẹ́ kó jẹrà, lè wà nínú wàhálà ju ẹni tí kò ní rárá lọ, bí ó bá jẹ́ òfin àtúnṣe nìkan ni wọ́n fi mú un. Bí ibẹ̀ bá wà lábẹ́ àkóso onílé fúnra rẹ̀, bíi ti Ìyá Ìbejì, òfin 1957 tún wà níbẹ̀, ìyẹn sì béèrè bóyá ibẹ̀ léwu fún àlejò, kì í ṣe bóyá ó bàjẹ́ nìkan.

Ọmọ Onílé
Ẹ̀yin ń bá onílé wí, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá Ìyá Ìbejì kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn. Ìyá Ìbejì fúnra wọn mọ̀ pé irin ń mì.

Ìyá Ìbejì
N kò kìlọ̀. Èmi àti wọ́n ń sọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni, kò sí lọ́kàn mi.

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Ọmọ Onílé, ibi tó yẹ kó dunni lo tẹ̀ yẹn. Lọ́yà onílé náà á bi í. Ní Kalifóníà lọ́dún 1968, ẹjọ́ Rowland àti Christian dé ilé ẹjọ́ gíga jù ní ìpínlẹ̀ náà. Ayálégbé ni wọ́n pè lẹ́jọ́ níbẹ̀, kì í ṣe onílé. Ọwọ́ ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ti sán, ó ti sọ fún àwọn onílé rẹ̀, kò sọ fún àlejò, ọwọ́ ẹ̀rọ náà sì fọ́ mọ́ àlejò lọ́wọ́, ó ya iṣan rẹ̀. Wọ́n ní àlejò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí ìdájọ́, torí ayálégbé mọ̀, kò sì kìlọ̀.

Ìyá Ìbejì, tiyín yàtọ̀ díẹ̀: ilé ìwẹ̀ yẹn wà nínú yàrá tí ayálégbé ń darí, àtẹ̀gùn yín kò sí lábẹ́ àkóso yín. N kò rò pé ẹ̀bi náà máa bì lù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ pé ẹ kìlọ̀. Irọ́ kan péré lè jẹ́ kí adájọ́ má gba ọ̀rọ̀ wọ́sáàpù yín gbọ́ mọ́, òun sì ni òpó ẹjọ́ yìí.

Ohun mìíràn tí ẹ kò béèrè: ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa pe ẹjọ́. Ẹni tó fara pa ni. Ẹlẹ́rìí ni yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn gba lọ́yà, kí rìsíìtì ilé ìwòsàn sì jẹ́ orúkọ wọn. Adájọ́ á tún wo bóyá ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara wọn fà á. Bí wọ́n bá dì í mú bí gbogbo èèyàn ṣe ń di irin mú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó lé e, tàbí tí wọ́n ń sáré pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ méjèèjì, adájọ́ lè pín ẹ̀bi sí ọ̀nà mẹ́wàá, kó yọ méjì tàbí mẹ́ta kúrò nínú owó gbà-má-bínú.

Ìyá Ìbejì
Àpò kan ló wà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ kejì ni wọ́n fi di irin. Ẹ ṣé o, mo ti gbọ́. Ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n ní láti pe ẹjọ́ náà?

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Ọdún 3 ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fara pa, láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ibòmíràn lè kúrú jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró dé ibẹ̀. Kí lọ́yà kọ̀wé sí onílé ná, kí ó béèrè bóyá ilé náà ní adójútòfò. Tó bá ní, iléeṣẹ́ adójútòfò ló máa bá yín dúnàádúrà, ọ̀rọ̀ á rọ̀ jù bí ẹ bá ń bá lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ fà á.

Ìyá Ìbejì
Ẹ wò ó, àárọ̀ òní ni wẹ́dà wọn dé pẹ̀lú gíráńdà. Ó ti fi irin tuntun sí gbogbo àtẹ̀gùn, ó sì ti lẹ sìmẹ́ńtì di ihò àtijọ́. Ó béèrè irin tó tú, mo ní n kò mọ ibi tó wà. Ṣé bó ṣe sáré tún un ṣe yìí kò jẹ́wọ́ pé ó jẹ̀bi?

Wẹ́dà Jẹ́jẹ́
Ẹ ṣáà ti ya ihò náà kí ó tó dí i?

Ìyá Ìbejì
Mo ya mẹ́ta. Ọ̀kan kò hàn dáadáa, méjì hàn, rúlà ọmọ mi sì wà nínú wọn.

Lọ́yà Fẹ̀yìntì
Bó ṣe tún un ṣe kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wọn kò gbà kí èèyàn fi àtúnṣe tó tẹ̀lé ìjàǹbá ṣe ẹ̀rí àìbìkítà, kí ẹ̀rù má baà máa ba onílé láti tún ilé rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dí i pa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò wúwo lọ títí. Ohun tó wúlò fún yín nínú rẹ̀ ni pé ó fi hàn pé ọwọ́ onílé ni àtẹ̀gùn náà wà; ẹni tó ní kò kan òun ló rán wẹ́dà wá yìí. Ní ti irin, ẹ má tún sọ pé ẹ kò mọ ibi tó wà. Ẹ kọ̀wé sí i pé ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹjọ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè wá yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín.

Àlàájà Onílé
Wẹ́dà Jẹ́jẹ́, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá wo ìdí irin tèmi.